Kí Ẹ Tó Yan Mọ́tò, Ẹ Béèrè Owó Asúráńsì Rẹ̀

Nínú ilé àwa Yorùbá ní Abidjan, bí ọ̀rọ̀ mọ́tò bá délẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń ṣáájú. Èló ni wọ́n ń tà á? Ṣé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le? Ṣé kì í mu epo jù? Asúráńsì a máa kẹ́yìn gbogbo wọn, bí ẹni pé ìwé lásán ni, tí a ó sáré lọ gbà lọ́sàn-án ọjọ́ tí a bá fẹ́ gbé mọ́tò wálé. Nígbà tó kan ilé tiwa láti ra mọ́tò, a yí ètò náà padà. Mílíọ̀nù 7 fàráńkì ló wà lọ́wọ́ wa, mọ́tò méjì ló sì wà níwájú wa tí owó náà ká. A kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà rárá tí a fi lọ béèrè iye tí asúráńsì ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa jẹ lọ́dún. Ìdáhùn tí a gbà ló bá wa yan mọ́tò.

Ọ̀kan jẹ́ Suzuki kékeré, onípẹtiróò, tí kò tíì ju ọdún 3 lọ lójú títì. Èkejì jẹ́ jíìpù Mercedes, onídíísù, tó ti pé ọdún 8. Mílíọ̀nù 7 ni wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Koumassi, tí wọ́n ti Èjìgbò wá sí Abidjan kí wọ́n tó bí wa, wo jíìpù náà tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹ̀yin ọmọ yìí," ni wọ́n wí, "iye kan náà ni wọ́n pe erin àti ewúrẹ́, ẹ tún ń rò ó?" A ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí erin ń jẹ."

Ìdí tí àwa tó ti ilé wá kì í fi béèrè

Kì í ṣe àìbìkítà ló ń mú àwọn èèyàn wa fi asúráńsì sẹ́yìn. Bí nǹkan ti rí nílé ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, asúráńsì tí òfin sọ di dandan fún ọkọ̀ ara ẹni, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ẹni kẹta, iye kan ṣoṣo ló ní. Ó pẹ́ tó jẹ́ 5,000 náírà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò níbẹ̀, ti sọ ọ́ di 15,000 náírà. Corolla àtijọ́ ni o, jíìpù tuntun ni o, 15,000 náà ni. Ẹni tó bá dàgbà sínú irú ètò yẹn, kò sí ìdí tí yóò fi rò pé irú mọ́tò tí òun yàn lè yí owó asúráńsì padà.

Ní Côte d'Ivoire, ètò mìíràn ló wà. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1992, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ní ilẹ̀ Áfíríkà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Yaoundé, pé òfin kan náà ni àwọn yóò máa lò lórí iṣẹ́ adójútòfò. Àdéhùn yẹn ni wọ́n ń pè ní CIMA, òfin rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú rẹ̀, nítorí náà ohun tí a ń sọ níbí kan àwọn ará wa ní Kétu, ní Àjàṣẹ́ àti ní Lómé pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tábìlì iye owó tirẹ̀. Òfin yìí náà sọ asúráńsì ẹni kẹta di dandan. Ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀ níbí, mọ́tò méjì kì í san iye kan náà bí kò bá jẹ́ pé wọ́n jọra lójú tábìlì.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún asúráńsì ràn wá lọ́wọ́ láti rí ìyàtọ̀ tó wà nínú irú asúráńsì tó wà. Adójútòfò ni ọ̀rọ̀ náà: ẹ̀ka mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, a-, dójú tì, àti òfò. Ohun tó ń dójú ti òfò ni. Ìbéèrè tó kù ni pé òfò ta ni? Ti ẹni kẹta, òfò ẹni tí ẹ fi mọ́tò yín gbá tàbí tí ẹ ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ ló ń dójú tì. Bí mọ́tò tiyín bá fọ́ nípa ẹ̀bi yín, kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó dójú ti òfò tiyín náà, ẹ ó ra àwọn ìbòrí mìíràn lé e: ti olè, ti iná, ti díńgí, àti ti ìbàjẹ́ ara mọ́tò fúnra rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá pé, òun ni àwọn ará Abidjan ń pè ní tú-rísìkì. Ọ̀nà tí irú mọ́tò gbà ń yí owó padà nínú ti ẹni kẹta yàtọ̀ pátápátá sí ọ̀nà tó gbà ń yí i padà nínú tú-rísìkì.

Ẹṣin tó wà lórí káàtì gíríìsì

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ aṣojú ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́, obìnrin tó dá wa lóhùn kò béèrè àwọ̀ mọ́tò, kò sì béèrè iye tí wọ́n ń tà á. "Ẹ fún mi ní káàtì gíríìsì," ni ó wí. A ti ya àwòrán ìwé ọkọ̀ méjèèjì sórí fóònù. Ó wo ohun mẹ́rin péré: iye ẹṣin, irú epo, iye àga, àti ọjọ́ tí mọ́tò kọ́kọ́ bọ́ sójú títì. Lẹ́yìn èyí ló wá béèrè pé kí ni a fẹ́ máa fi mọ́tò ṣe.

Ẹṣin tí a ń wí yìí kì í ṣe agbára ẹ́ńjìnnì tí àwọn tó ń ta mọ́tò fi ń ṣe fáàrí. Ẹṣin owó-orí ni, àmì rẹ̀ lórí ìwé ni CV, àwọn awakọ̀ a sì máa pè é ní ṣẹfó. Nọ́ńbà tí ìjọba fi sórí mọ́tò nípa títóbi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni, kí wọ́n lè mọ iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le gan-an tí wọ́n ń sọ pé ó ní ẹṣin 150 lè jẹ́ 8 péré lórí káàtì. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba nọ́ńbà tí ẹni tó ń tà á bá sọ lẹ́nu. Ẹ kà á fúnra yín.

Tábìlì iye owó ẹni kẹta rí bí àkàsọ̀. Àwọn ẹṣin kan wà lórí ìtẹ̀lẹ̀ kan, àwọn tó tẹ̀ lé wọn wà lórí èkejì. Nínú ọ̀pọ̀ tábìlì tí wọ́n ń lò ní agbègbè wa, mọ́tò onípẹtiróò tó ní ẹṣin 3 dé 6 wà lórí ìtẹ̀lẹ̀ kan náà. Bó bá ti di 7, ó ti gun òkè. Ìyẹn ni pé láti 6 sí 7 lè fi owó kún un, nígbà tí láti 4 sí 6 kò fi nǹkan kan kún un. Irú epo náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí díísù àti pẹtiróò kò jọ gun àkàsọ̀ kan. Ẹṣin díísù tètè máa ń dé òkè: onídíísù tí ẹṣin rẹ̀ kéré lè san iye kan náà pẹ̀lú onípẹtiróò tí ẹṣin rẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tó bá ń rò pé díísù yóò dín owó epo òun kù, kó ka èyí mọ́ ìṣirò rẹ̀.

Ìlò mọ́tò ni nǹkan ìkẹyìn. Èyí tí a fi ń lọ síbi iṣẹ́, tí a fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, ìsọ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí a fi ń kó ẹrù ọjà tiwa, ìsọ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tó ń gbé èrò gbowó, ìbáà jẹ́ wòrò-wòrò tàbí èyí tí èèyàn ń fi fóònù pè, ìsọ̀rí mìíràn ni, owó rẹ̀ sì ga ju ti ara ẹni lọ dáadáa.

Suzuki náà jẹ́ ẹṣin 6, onípẹtiróò. Mercedes náà jẹ́ ẹṣin 14, onídíísù. Fún ìbòrí ẹni kẹta nìkan, ó pe Suzuki ní nǹkan bíi 90,000 fàráńkì lọ́dún, ó sì pe jíìpù ní nǹkan bíi 140,000. A ti sọ gbogbo òǹkà tí a ń lò níbí di pípé kí ìṣirò lè yé ọmọdé àti àgbà, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwọ̀n tirẹ̀, a kò sì tíì ka owó-orí àti owó ìwé mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ 50,000 lọ́dún. Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ la dúró sí, à bá sọ pé ẹ̀gbọ́n wa jàre.

Iye tuntun ń tẹ̀ lé mọ́tò dé ọjọ́ ogbó

A kò fẹ́ dúró síbẹ̀. Mílíọ̀nù 7 yẹn ni gbogbo ohun tí a tù jọ fún ọdún mẹ́rin, a kò sì ní òmíràn tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ bí mọ́tò bá bàjẹ́ nínú oṣù kejì. A ní kó ṣe ìṣirò tú-rísìkì fún àwọn méjèèjì.

Ó béèrè ìbéèrè kan tí a kò retí: "Èló ni mọ́tò yìí nígbà tó jẹ́ tuntun?" A ní àgbà mọ́tò ni jíìpù, mílíọ̀nù 7 la fẹ́ rà á. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n iye tuntun ni òun ń béèrè.

Ohun tó ń fa gbogbo ìyàtọ̀ nìyí. Ìbòrí tó wà fún olè àti iná, iye tí mọ́tò ń pa lọ́jà lónìí ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, nítorí pé bí olè bá gbé e lọ, iye ọjà náà ni wọ́n máa san. Ṣùgbọ́n ìbòrí ìbàjẹ́ ara mọ́tò, iye rẹ̀ ní tuntun ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìpìlẹ̀. Ìdí rẹ̀ rọrùn: mọ́tò máa ń gbó, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara rẹ̀ tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kì í gbó. Iná iwájú jíìpù olówó ńlá, iye jíìpù olówó ńlá ni wọ́n ń tà á, ìbáà jẹ́ pé ara mọ́tò tí wọ́n fẹ́ fi sí ti pé ọdún 8. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò mọ̀ pé ìfọ́ kékeré ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn yóò máa san. Bọ́ńpà, iná, ilẹ̀kùn ni, kì í ṣe gbogbo ara mọ́tò lẹ́ẹ̀kan. Iye ẹ̀yà ara wọ̀nyí ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n bá ń wo iye tuntun.

Suzuki náà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 àti ààbọ̀ ní tuntun. Jíìpù náà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 45. Ìdá 3 nínú 100 ni ìwọ̀n tó lò fún ìbàjẹ́ ara mọ́tò. Lórí Suzuki, ìdá 3 nínú 9,500,000 jẹ́ 285,000. Lórí jíìpù, ìdá 3 nínú 45,000,000 jẹ́ 1,350,000. Fún olè àti iná, ìdá 1 nínú 100 iye ọjà ló lò. Nítorí pé mílíọ̀nù 7 ni iye ọjà àwọn méjèèjì, 70,000 ló bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá jẹ́ ká ro ó pọ̀. Suzuki: 90,000 ti ẹni kẹta, 285,000 ti ìbàjẹ́, 70,000 ti olè àti iná, àpapọ̀ rẹ̀ 445,000 lọ́dún. Jíìpù: 140,000, àti 1,350,000, àti 70,000, àpapọ̀ rẹ̀ 1,560,000 lọ́dún. Tí a bá pín in sí oṣù, Suzuki ń béèrè nǹkan bíi 37,000 lóṣù, jíìpù ń béèrè 130,000. Ìyàtọ̀ ọdún kan jẹ́ 1,115,000. Tí a bá lo mọ́tò fún ọdún 3 tí ìwọ̀n kò yí padà, jíìpù ti gba 3,345,000 ju Suzuki lọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí a fẹ́ fi rà á. Ọjọ́ tí a rà wọ́n, iye wọn dọ́gba. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀kan ti di mọ́tò tó ju mílíọ̀nù 11 lọ fún àpò wa, kí a tó ra epo.

A tún lọ sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kejì kó má baà jẹ́ pé ẹnu ẹnì kan la gbà gbọ́. Ìyẹn gba Suzuki láìjanpata. Ní ti jíìpù, wọ́n ní mọ́tò tó ti pé ọdún 8, àwọn kì í bo ìbàjẹ́ ara rẹ̀ mọ́, pé ẹni kẹta, olè àti iná nìkan ni àwọn lè tà fún wa. Èyí náà wọ́pọ̀. Ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ló ní ọjọ́ orí tí wọ́n kì í kọjá, ọjọ́ orí náà kò sì jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo ọjọ́ tí mọ́tò kọ́kọ́ bọ́ sójú títì lórí káàtì. Fún tòkunbọ̀, tí àwọn ará Abidjan ń pè ní Fráǹsì Ọ́rúfúà, ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní Yúróòpù, kì í ṣe ọjọ́ tó dé èbúté wa.

Owó tí ẹ ó gbà kò tó ohun tí ẹ ń san lé

Ẹ̀gbọ́n wa ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu nígbà tí a sọ gbogbo èyí fún wọn. Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá ń gbowó lórí mílíọ̀nù 45, á jẹ́ pé bí mọ́tò bá run, mílíọ̀nù 45 ni wọ́n máa san fún yín. Èrè ni!" Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Bí mọ́tò bá fọ́ kọjá àtúnṣe, onímọ̀ tí ilé-iṣẹ́ rán wá yóò díye lé e gẹ́gẹ́ bí iye tó ń pa lọ́jà kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Bí iye yẹn bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí mílíọ̀nù 6, mílíọ̀nù 6 ni. A san owó lórí iye tuntun, a ó gbowó lórí iye ogbó. Bí àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì bá ti fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni tú-rísìkì náà ṣe ń wọ́n tó fún ohun tó ń bò. Lórí Suzuki, àlàfo náà jẹ́ mílíọ̀nù 2 àti ààbọ̀. Lórí jíìpù, ó jẹ́ mílíọ̀nù 38.

Ó tún ku owó kan tí wọ́n máa ń yọ kúrò kí wọ́n tó san nǹkan kan fún yín. Fìráńṣíìsì ni wọ́n ń pè é: apá òfò tó jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ó gbé e. Bí fìráńṣíìsì bá jẹ́ 300,000, tí àtúnṣe bọ́ńpà jẹ́ 250,000, ilé-iṣẹ́ kò ní san kọ́bọ̀. Bí àtúnṣe bá jẹ́ 800,000, wọn yóò san 500,000. Èyí ló sábà máa ń fà á tí owó asúráńsì mọ́tò kan náà fi ń yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì. Èyí tó rọjú jù lè jẹ́ èyí tí fìráńṣíìsì rẹ̀ ga jù. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi ìwé méjì wéra, ẹ rí i pé ìbòrí kan náà àti fìráńṣíìsì kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ń fi ìṣù wé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú

Ẹni tó ń ta jíìpù náà rí i pé a ń lọ́ra, ó sì fún wa nímọ̀ràn. Ó ní kí a kọ ọ́ pé mílíọ̀nù 20 ni iye rẹ̀ ní tuntun, pé owó asúráńsì yóò wálẹ̀ sí ìdajì. Ẹlòmíràn a máa ní kí ẹ pe mọ́tò tó ń gbé èrò ní ti ara ẹni. Ohun tí irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ń ṣe kò hàn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń sanwó. Ọjọ́ jàǹbá ló ń hàn.

Òfin CIMA sọ ọ́ kedere. Bí ó bá hàn pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nípa ohun tó yẹ kí ilé-iṣẹ́ mọ̀, àdéhùn náà di òfo, owó tí ẹ sì ti san kò ní padà wá. Abala 18 ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe, tí kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀, abala 19 ní kí wọ́n dín owó tí wọ́n máa san kù gẹ́gẹ́ bí owó tí ẹ san ti kéré sí èyí tó yẹ. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó yẹ kí ẹ san 1,000,000 fàráńkì, ṣùgbọ́n nítorí ẹṣin tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò tó ti orí káàtì, 600,000 lẹ san. Ìdá 6 nínú 10 lẹ san. Bí jàǹbá tó jẹ́ mílíọ̀nù 2 bá ṣẹlẹ̀, ìdá 6 nínú 10 ni ẹ ó gbà: 1,200,000. Ẹgbẹ̀rún 800 tó kù wà lọ́rùn yín. Ẹ fi 400,000 pamọ́, ẹ pàdánù ìlọ́po rẹ̀ méjì nínú jàǹbá kan ṣoṣo.

Ó tún yẹ ká mọ̀ pé láti 2011, òfin náà ti sọ pé sísan owó ló ń jẹ́ kí ìbòrí bẹ̀rẹ̀. Àwìn kò sí mọ́ fún àwa ará ilé. Ẹni tó bá ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sórí mọ́tò, tó ń retí pé òun yóò san asúráńsì díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá yá, kò ní ìbòrí kankan láàárín àkókò yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé mọ́tò náà sójú títì. Owó ọdún àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú iye tí ẹ ń pè ní owó mọ́tò.

Bí a ṣe ń béèrè

Ohun tí a ṣe kò gbà ju ọ̀sán méjì lọ, kò sì ná wa ní nǹkan kan. Kí a tó jókòó ná ọjà, a ní kí olówó mọ́tò kọ̀ọ̀kan fún wa ní àwòrán káàtì gíríìsì, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní kí a sanwó ìdúró kó tó fi káàtì hàn wá, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn la ó lọ. A mú àwòrán náà lọ sí ọ̀dọ̀ aṣojú ilé-iṣẹ́ méjì, èèyàn sì lè lọ sọ́dọ̀ alárinà tó ń bá ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ṣe. A ní kí wọ́n kọ ìdíyelé sílẹ̀, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní dẹfí, torí ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró.

Lórí dẹfí kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́rin la wò. Ṣé iye ẹṣin àti irú epo tí wọ́n kọ bá ti orí káàtì mu? Iye wo ni wọ́n fi ṣírò ìbòrí kọ̀ọ̀kan, ti tuntun tàbí ti ọjà? Èló ni fìráńṣíìsì? Àpapọ̀ ìsàlẹ̀ ńkọ́, tí owó-orí àti owó ìwé ti wà nínú rẹ̀? Àpapọ̀ yẹn ni ẹ ó san, kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ lẹ́nu. A tún sọ irú iṣẹ́ tí a ń ṣe fún wọn, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń dín owó kù fún òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù.

Fún àwọn tó máa ń wa mọ́tò láti Abidjan dé Èjìgbò, ìbéèrè kan ṣì kù. Káàdì aláwọ̀ ilẹ̀ ti ECOWAS, tí àdéhùn rẹ̀ ti wà láti 1982, òfò ẹni kẹta nìkan ló ń dójú tì nígbà tí ẹ bá ti kọjá ẹnubodè. Kò kan mọ́tò tiyín. Ẹ béèrè bóyá tú-rísìkì yín ń ṣiṣẹ́ ní Gánà, ní Tógò, ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Nàìjíríà, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú ìwé.

Suzuki la rà. Kì í ṣe pé jíìpù kò dára. Ẹni tó ní 130,000 láti yọ sílẹ̀ lóṣooṣù, tó sì rí ilé-iṣẹ́ tó gbà á, kò sí ohun tó ní kó má rà á. Bákan náà, ẹni tó bá pinnu pé ẹni kẹta nìkan ni òun yóò rà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín mọ́tò méjì kò ní pọ̀ fún un, bíi 50,000 tiwa yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni bẹ́ẹ̀ ti di adójútòfò ara rẹ̀. Kí ó tó fọwọ́ sí i, kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara mọ́tò, kó béèrè iye iná iwájú kan àti bọ́ńpà kan fún mọ́tò tó fẹ́ rà, kó wá wò ó bóyá àpò rẹ̀ lè gbé e lọ́jọ́ kan ṣoṣo láìdín owó ilé ìwé àwọn ọmọ kù.